Èékánná mi tín-ín-rín bíi bébà lẹ́yìn tí mo yọ akírílíìkì: ṣé asítóònì ló fà á, ṣé hádínà sì ń ṣiṣẹ́?

Ọmọ_Àgárawù

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé mi. Aṣọ ni mò ń tà ní Bálógun. Bí mo bá tẹ́ léèsì sórí káńtà, ọwọ́ mi ni oníbàárà kọ́kọ́ ń wò kó tó wo aṣọ, ìdí nìyẹn tí n kì í fi èékánná mi ṣeré. Oṣù 8 gbáko ni akírílíìkì, èékánná àtọwọ́dá tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ tẹni, fi wà lọ́wọ́ mi láìkúrò. Bó bá ti hù sókè díẹ̀, màá ní kí wọ́n bá mi fi kún un.

Ní ọ̀sẹ̀ 6 sẹ́yìn, mo ní kí n fún ọwọ́ mi nísinmi. Ọmọbìnrin tó máa ń ṣe é fún mi ti lọ sílé ọkọ, ni mo bá yà sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ó da asítóònì sínú abọ́, ó ní kí n ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Kò tíì tó ìṣẹ́jú 10 tó fi gbé púṣà onírin jáde, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí há a. Àwọn èyí tí kò gbà, ó ki èékánná ike kan bọ abẹ́ wọn, ó sì fà wọ́n tu. Omi dé ojú mi, àmọ́ ojú tì mí láti pariwo níwájú èèyàn.

Láti ọjọ́ náà, ojú èékánná mi funfun bí ẹni fi ẹfun kùn ún. Ó rọ̀. Bí mo bá ń ka owó, ṣe ni etí rẹ̀ ń ká sẹ́yìn. Mo wá ra rìmúfà tí kò ní asítóònì, mo sì ra hádínà tí wọ́n ń kùn sí èékánná kó lè le, ìgò kékeré báyìí, owó rẹ̀ kò kéré rárá. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo yin Ọlọ́run, èékánná le koránkorán. Ó wá di ọ̀sẹ̀ kẹrin, méjì kán gbagada lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ọ̀kan lára wọn jìn dé ibi ẹran. Àtàǹpàkò sì ń ta mí bí mo bá fi omi gbígbóná wẹ̀.

Ìbéèrè mi rèé: ṣé asítóònì ló bà mí lọ́wọ́ jẹ́? Ṣé kí n má fọwọ́ kàn án mọ́ láyé? Hádínà yìí ńkọ́, ṣé ó ń ṣiṣẹ́ ni àbí owó mi ni mo dà sínú ọ̀sà?

Ìyá_Ẹ̀bútẹ́

Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi. Èmi ti sọ ọ́ tipẹ́ pé májèlé ni asítóònì. Ọmọ mi obìnrin, n kì í jẹ́ kó mú un wọlé mi. Èyí tí kò ní asítóònì ni kí ẹ máa lò, kò ní oró kankan nínú, tiwa tiẹ̀ ní fítámíìnì, ó sì ń rùn dáadáa. Ẹ tún máa mu mílíìkì, kálísíọ́ọ̀mù ló ń mú èékánná le bó ṣe ń mú eegun le. Èékánná tó bá rọ̀, ebi kálísíọ́ọ̀mù ló ń pa á.

Oníṣòwò_Òṣòdì

Ẹ kú iṣẹ́. Tèmi náà rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ ti ẹsẹ̀ ni. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún mi nípọn, ó di àwọ̀ ìyeyè, abẹ́ rẹ̀ sì ń dà bí ìyẹ̀fun tó bá ti gbẹ. Ó ti tó ọdún 2. Irú hádínà wo ni kí n fi sí i?

Àǹtí_Èékánná_Yábàá

Oníṣòwò, ẹ dákun, tiyín kì í ṣe ọ̀rọ̀ hádínà. Èyí tó ti nípọn kò nílò ohun tó máa mú un le. Ohun tí ẹ ṣàpèjúwe yẹn jọ olú inú èékánná. Kí dókítà awọ ara gé díẹ̀ níbẹ̀ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ní láàbù kí ẹ tó ra ohunkóhun. Ẹ má sì fi kútẹ́sì bò ó kí ẹ tó lọ.

Ó di ọ̀dọ̀ ẹni tó bèèrè. Àbúrò mi, ọdún 11 ni mo ti ń ṣe èékánná, Tejúoṣó ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí nínú ìtàn yín. Asítóònì kọ́ ló ṣẹ̀ yín. Púṣà onírin yẹn ni, àti ike tí wọ́n ki bọ abẹ́ rẹ̀.

Èékánná kì í ṣe odindi kan. Ó pọ̀ ní ìpele, ọ̀kan lórí èkejì, bí èèpo àlùbọ́sà tí wọ́n lẹ̀ pọ̀. Akírílíìkì lẹ̀ mọ́ ìpele tó wà lókè pátápátá. Bí ẹni kan bá fà á tu nígbà tí kò tíì rọ̀, akírílíìkì ò ní dá nìkan wá. Ó máa bá ìpele méjì mẹ́ta yín lọ. Ohun tó ṣẹ́ kù sí yín lọ́wọ́ yẹn ni abẹ́ àlùbọ́sà. Ó tín-ín-rín nítorí pé wọ́n ti kó òkè rẹ̀ lọ, kì í ṣe pé asítóònì jẹ ẹ́. Asítóònì kì í yọ́ èékánná. Ó ń fa òróró àti omi inú rẹ̀ jáde ni. Ìyẹn ló ń mú un funfun lójú, bí ẹ bá fi òróró pa á, púpọ̀ nínú funfun yẹn máa ń wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Èyí tí kò bá wálẹ̀ lẹ́yìn òróró, ẹ mọ̀ pé ibi tí wọ́n há ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe yẹ kó rí, kí ẹ lè mọ ẹni tó mọ iṣẹ́ lọ́jọ́ mìíràn. Akọ́kọ́, a óò gé gígùn rẹ̀ kúrò, a óò fi fáìlì yọ ojú dídán àti púpọ̀ nínú sísanra akírílíìkì náà, a ò ní dé orí èékánná gan-an. A óò fi fasilíìnì yí awọ ìka ká. A óò rẹ òwú kékeré, tó bá fẹ̀ tó èékánná nìkan, sínú asítóònì, a óò gbé e lé e, a óò fi fọ́íìlì wé e pinpin kó má baà fò lọ. A ó wá jókòó. Jẹ́ẹ̀lì lè gbà ní ìṣẹ́jú 10 sí 15. Akírílíìkì, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú 20 ó kéré tán, ó sì lè lọ dé 40. Bó bá ti gbà, ṣe ló máa rí bí ọ̀gì tó ti dì díẹ̀, igi tín-ín-rín ló máa sún un kúrò láìtẹ̀ ẹ́. Bó bá ń ta kò yín, ẹ tún un wé. Ẹni tó bá mú irin ní ìṣẹ́jú 10, oníbàárà tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ló ń rò, kò ro èékánná yín.

Ohun kan tún wà. Líkúìdì olówó pọ́ọ́kú kan wà tí àwọn kan fi ń po akírílíìkì, tí òórùn rẹ̀ máa ń gún èèyàn nímú láti ojú títì. Èékánná tí wọ́n bá fi í ṣe máa ń le bíi òkúta, asítóònì kì í fi bẹ́ẹ̀ mú un, ẹ lè wé e di alẹ́. Bí irú ẹ̀ bá wà lọ́wọ́ yín, fáìlì díẹ̀díẹ̀ ló máa kúrò, kì í ṣe fífà.

Ọmọ_Àgárawù

Ha! Òótọ́ ni o, òórùn yẹn máa ń bá mi dé ilé. Àǹtí, ẹ ṣeun. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, rìmúfà tí kò ní asítóònì tí mo ti ń rà yẹn, iṣẹ́ wo ló wá ń ṣe?

Bọ̀dá_Láàbù_Àkókà

Màmá Ẹ̀bútẹ́, ẹ má bínú sí mi, ẹ jàre lápá kan. Fún kútẹ́sì lásán, èyí tí ẹ kùn lánàá tí ẹ fẹ́ pa lónìí, èyí tí kò ní asítóònì máa ń rọra ṣe é, kì í sì í fà èèyàn lọ́wọ́ gbẹ tó asítóònì. Àmọ́ kì í ṣe omi òjò ló wà nínú ìgò yẹn. Ẹ yí ìgò náà padà, ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù lọ nínú wọn, ẹ́táìlì ásítéètì lẹ máa rí níwájú, òun náà ń fa òróró jáde lára èékánná. Ohun tó yàtọ̀ ni pé kò lágbára tó asítóònì, nítorí náà ẹ ó fi òwú nù ún lẹ́ẹ̀mẹta níbi tí asítóònì máa ti ṣe é lẹ́ẹ̀kan. Mo ti rí ẹni tó ń fi í ha kútẹ́sì pupa onígílítà títí awọ ìka fi bó. Nínú ìyẹn, asítóònì ìṣẹ́jú àáyá 10 sàn jù. Fítámíìnì inú rẹ̀ náà, ó ń fò lọ pẹ̀lú òwú ni.

Akírílíìkì ní tirẹ̀, kò bìkítà fún un rárá. Ẹ lè rẹ ọwọ́ sínú èyí tí kò ní asítóònì di ọ̀la, bó ṣe wà náà ló máa wà.

Ní ti májèlé, ẹni tó ń gbààwẹ̀, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ gan-an ń ṣe asítóònì díẹ̀ fún ara rẹ̀. Ibi tí mo ti ń bẹ̀rù asítóònì ni iná. Kò dúró de kí ooru mú kó tó gbiná, kódà nínú fíríìjì èéfín rẹ̀ tó láti gbaná. Èéfín náà sì wúwo ju atẹ́gùn lọ, kì í gòkè, ilẹ̀ ló ń rá gbà. Lọ́dún bíi mélòó kan, èmi fúnra mi ń yọ gúlúù lára táìlì ní pálọ̀, mo gbàgbé pé kọ́ìlì ẹ̀fọn wà lábẹ́ àga ní ìgun kejì. Mo kàn rí iná búlúù tó sáré wá bá mi láti ilẹ̀. Irun ọwọ́ mi jó tán. Bí ẹ bá ń wé èékánná lálẹ́ tí kò sí iná Nẹ́pà, ẹ má tan àbẹ́là sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ọmọ_Ìsàlẹ̀_Èkó

Ẹ̀yin ẹ ṣì ń sọ ti iná. Tèmi, mo da asítóònì díẹ̀ sórí tábìlì màámi tí wọ́n fi vánìṣì kùn, mo sì fi tísù nù ún kíá. Vánìṣì bá tísù lọ. Òbìrìkìtì funfun wà níbẹ̀ báyìí, mo ti gbé àwo òdòdó lé e. Ẹ̀yin ará láàbù, kí ni mo lè ṣe kí wọ́n tó ti Ìjẹ̀bú dé lọ́jọ́ Ẹtì?

Bọ̀dá_Láàbù_Àkókà

Ọ̀gá, káfíńtà ni kí ẹ wá, kì í ṣe kẹ́mísì. Asítóònì ti yọ́ vánìṣì náà, kò sí ohun tó ń dá a padà bí kò ṣe kí wọ́n tún un kùn. Ẹ má sì tún dà á sínú kọ́ọ̀bù fúnfún onífóòmù tí wọ́n ń fi ta oúnjẹ, ó máa là á nídìí.

Mo tún fẹ́ sọ ohun kan fún ẹni tó ń ra asítóònì inú ìgò omi ní ọjà. Mo ra lítà kan lọ́wọ́ ẹnì kan nígbà kan, tínà ni wọ́n fi lú u. Ọ̀nà tí mo fi mọ̀ rọrùn: ẹ bu omi mímọ́ sínú gíláàsì, ẹ da ìwọ̀n ṣíbí kan asítóònì sí i, ẹ rò ó. Asítóònì gidi wọ inú omi pátápátá, ẹ ò ní mọ̀ pé ẹ da nǹkan kan sí i àyàfi òórùn. Bó bá rú bí omi ọ̀gì, tàbí tí ohun kan léfòó sókè bí òróró, tínà tàbí ohun mìíràn wà nínú rẹ̀. Àmọ́ o, ìdánwò yẹn kò lè mú ẹni tó fi omi lásán lú u. Èyíinì, ẹ kán an sórí gíláàsì, asítóònì gidi ń gbẹ ní kíá, kì í fi ọ̀rinrin sílẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Sùúrùlérè

Àbúrò, mo padà sórí àtàǹpàkò tó ń ta yín, òun ló kàn mí jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ìgò hádínà náà. Kí ni wọ́n kọ sí i? Ẹ ò ní rí i níwájú, ẹ̀yìn ni, lẹ́tà kéékèèké. Ìgbà mélòó lẹ sì ń kùn ún?

Ọmọ_Àgárawù

Mo fi fóònù ya á kí n lè fẹ̀ ẹ́ kà. Ẹ́táìlì ásítéètì ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀ (ẹ gbọ́ o!), lẹ́yìn náà àwọn orúkọ tí n kò mọ̀, ó wá kan fọ́máldíháìdì. Lójoojúmọ́ ni mò ń kùn ún, láàárọ̀ kí n tó lọ sọ́jà, mo sì máa ń rí i pé ó dé ìdí ibi awọ, torí mo rò pé gbòǹgbò ni kó mu ún. Ọ̀sẹ̀ 4 ó lé.

Nọ́ọ̀sì_Sùúrùlérè

Ẹ dáwọ́ dúró lónìí. Mi ò sọ pé kí ẹ dín in kù, mo ní kí ẹ dá a dúró.

Fọ́máldíháìdì tí wọ́n pò mọ́ omi ni a ń pè ní fọ́málínì nílé ìwòsàn, òun náà ni wọ́n fi ń tọ́jú òkú kó má baà tètè bàjẹ́.

Ọmọ_Ìsàlẹ̀_Èkó

Yéè! Wọ́n ń fi ohun òkú kun alààyè lọ́wọ́.

Nọ́ọ̀sì_Sùúrùlérè

Ẹ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ mi. Ìwọ̀n tó wà nínú ìgò kéré sí ti mọ́ṣúárì, n ò sọ ọ́ láti dẹ́rù bà yín. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè mọ ohun tó ń ṣe. Ohun tó ń ṣe fún ẹran ara òkú náà ló ń ṣe fún èékánná: ó ń so àwọn okùn inú rẹ̀ pọ̀ mọ́ra wọn kí wọ́n má lè yẹ̀ mọ́. Ìdí nìyẹn tí ó fi ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ ò fi ojú inú rí i, ó le.

Àmọ́ kò mọ ibi tó yẹ kó dúró. Bí ẹ ṣe ń kùn ún lójoojúmọ́ ni ó ń so òmíràn mọ́ òmíràn. Ẹ wo ọwọ̀. Ọwọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ la, ẹ lè tẹ̀ ẹ́ yíká ọwọ́, ó máa na padà. Èyí tó ti gbẹ lé e fún ọdún kan, ó le jù ú lọ, àmọ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ó dá. Èékánná tó ń ká sẹ́yìn nígbà tí ẹ ń ka owó, ìká náà ló ń gbà á lọ́wọ́ kíkán. Ẹ ti gba ìká lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìta àtàǹpàkò náà, fọ́málínì tó wọ awọ ìdí àti abẹ́ èékánná ló jọ. Gbòǹgbò kì í mu ohun tí ẹ kùn síta. Abẹ́ awọ ni wọ́n ti ń hun èékánná, èyí tí ẹ ń rí yìí ti parí híhun, kò lẹ́mìí nínú. Ohun tí ẹ kùn sí ìdí rẹ̀ awọ ló ń jẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹ abẹ́ àtàǹpàkò wò lójúmọmọ. Ṣé funfun kan wà tó bẹ̀rẹ̀ láti orí tó ń sọ̀ kalẹ̀ sí ìdí, bí ẹni pé atẹ́gùn wọ abẹ́ rẹ̀? Ṣé ìpéǹpéjú ń yún yín? Ọwọ́ ló kun ún, àmọ́ ojú ló máa ń kọ́kọ́ kígbe bí ara bá kọ̀ ọ́, torí a máa ń fọwọ́ nu ojú.

Ọmọ_Àgárawù

Ojú kò yún mi. Àmọ́ funfun wà lábẹ́ àtàǹpàkò, ó kéré, kò ju orí ìṣáná lọ.

Nọ́ọ̀sì_Sùúrùlérè

Ó ti ń ṣí nìyẹn. Ẹ gé e kúrú kí ohunkóhun má baà gbé e sókè, ẹ má fi ohun ṣóńṣó ro abẹ́ rẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa gbẹ, ẹ má sì lẹ nǹkan kan mọ́ ọn. Bó bá tóbi sí i, tó bá di àwọ̀ ewé, tàbí tó ń ṣọyún, ẹ lọ sí kíníìkì awọ ara, wọ́n ní in nílé ìwòsàn ńlá Ìdí-Àràbà. Ẹ gbé ìgò náà dání lọ.

Ìyá_Ẹ̀bútẹ́

Hùn-ún. Gbogbo hádínà ló burú nìyẹn?

Àǹtí_Èékánná_Yábàá

Rárá o, màmá. Irú wọn yàtọ̀ síra. Mo pín wọn sí mẹ́ta lọ́kàn ara mi.

Èyí tó ní fọ́málínì, mo ti ní oníbàárà kan tó wúlò fún, èékánná rẹ̀ rọ̀ láti ilé bí awọ ẹyin, kò gbẹ, kò là. Mo kùn ún fún un lẹ́ẹ̀kan lọ́jọ́ méjì, ní orí èékánná nìkan, mo fi fasilíìnì bo awọ, ọ̀sẹ̀ 2 la sì dáwọ́ dúró. Ẹni tí èékánná rẹ̀ ń là tó ń bó bí èèpo, tó sì gbẹ, mi ò jẹ́ fi kàn án láé. Ẹ kíyè sí i náà, bí fọ́máldíháìdì bá wà nínú omi, mẹ́táílìn gláíkọ́ọ̀lì ló máa ń dà, orúkọ yẹn ni àwọn kan ń kọ sí ìgò. Ẹ má rò pé ohun mìíràn ni.

Èkejì ni kútẹ́sì tó mọ́ gaara tí wọ́n kàn fún lórúkọ ńlá. Ó ń gbé ara rẹ̀ lé èékánná bí ìbòrí, ó ń dáàbò bò ó bí ẹ bá ń ka owó. Lọ́jọ́ tí ẹ bá pa á, agbára bá a lọ. Kò burú, ẹ kàn mọ ohun tí ẹ rà.

Ẹ̀kẹta ni òróró àti ìpara. Èmi fọkàn tán ìyẹn jù, bẹ́ẹ̀ òun ló rọ̀ jù lówó. Àdí àgbọn tàbí òrí, ẹ fi ra ìdí àti ojú èékánná lálẹ́, lẹ́yìn tí ẹ bá fọwọ́. Ìpara tó ní yúúríà náà dára. Kò ní mú un le, ó máa jẹ́ kó lè tẹ̀ kó sì na padà ni.

Ní ti kálísíọ́ọ̀mù, màmá, mílíìkì dára fún eegun, àmọ́ kálísíọ́ọ̀mù inú èékánná kò tó nǹkan. Irun ni èékánná jọ, kì í ṣe eegun. Ẹ fi iná sun èékánná díẹ̀, ẹ gbọ́ òórùn rẹ̀, irun tó jó ni.

Bọ̀dá_Láàbù_Àkókà

Mo fara mọ́ àǹtí lórí kálísíọ́ọ̀mù. Súfúrù ló ń mú okùn inú èékánná di ara wọn mú, òun ni òórùn yẹn.

Omi ńkọ́, ẹni kan ò tíì sọ ọ́. Èékánná máa ń mu omi ju awọ lọ, ó wú, lẹ́yìn náà ó gbẹ, ó sún kì. Ẹni tó ń fọ abọ́ àti aṣọ lẹ́ẹ̀marùn-ún lóòjọ́, ìpele àlùbọ́sà yẹn ń fà síra wọn lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ọṣẹ oníyẹ̀fun tún bá a kó òróró lọ. Lójú tèmi, ìyẹn ń ba èékánná jẹ́ ju rìmúfà lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ lọ. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà kò wọ́n.

Ọmọ_Àgárawù

Mo ní ọmọ mẹ́ta, bọ̀dá. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún kéré.

Fítámíìnì tí wọ́n ń pè ní báyótíìnì ńkọ́? Ọ̀rẹ́ mi kan ń lò ó, ó ní irun òun àti èékánná òun ń jó.

Nọ́ọ̀sì_Sùúrùlérè

Ìwádìí wà tí wọ́n fún àwọn tí èékánná wọn ń kán ní mílígíráàmù 2.5 lójúmọ́ fún oṣù mélòó kan, àwọn kan nínú wọn sì dára sí i. Àmọ́ àwọn èèyàn inú rẹ̀ kò pọ̀, wọn kò sì fi wọ́n wé ẹni tó gbé oògùn lásán mì. Ẹni tó ń jẹ ẹyin, ẹ̀wà àti ẹ̀pà, báyótíìnì kì í sábà wọ́n an. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni láàbù: báyótíìnì púpọ̀ lè jẹ́ kí èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ parọ́, ti táírọ́ìdì tó wà ní ọrùn, ti ọkàn náà. Bí ẹ bá ń lò ó, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí èékánná rẹ̀ wọ inú bíi ṣíbí, tó tún ń rẹ̀ ẹ́, ẹ̀jẹ̀ ni kó lọ yẹ̀ wò, kó má ra báyótíìnì.

Àǹtí_Èékánná_Yábàá

Èmi ò gbà pátápátá o, nọ́ọ̀sì. Mo ti rí oníbàárà mẹ́rin tí ó ṣiṣẹ́ fún.

Nọ́ọ̀sì_Sùúrùlérè

Ṣé àwọn mẹ́rin náà kò tún dá akírílíìkì dúró lásìkò kan náà?

Àǹtí_Èékánná_Yábàá

Mẹ́ta dá a dúró. Ẹ jẹ́ ká fi síbẹ̀.

Àbúrò mi, ohun kan ṣoṣo tó lè mú èyí tí wọ́n fà tu padà ni kó hù tán. Èékánná ọwọ́ ń hù ní nǹkan bíi mìlímítà 3 lóṣù. Ọ̀sẹ̀ 6 ti lọ. Ẹ gbé àtàǹpàkò sí ojú oòrùn, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́, ẹ wá ìlà tó dá bí àtẹ̀gùn kékeré. Lábẹ́ rẹ̀, níhà ìdí, tuntun nìyẹn. Lókè rẹ̀, ti ọjọ́ yẹn ni. Ẹ fi tépù aránṣọ wọn bó ṣe jìn sí ìdí.

Ọmọ_Àgárawù

Ìlà wà o! Mi ò tíì rí i rí. Láti ìdí dé ibẹ̀, ó tó mìlímítà 4, bóyá ó lé díẹ̀. Níbẹ̀ ó nípọn, ó dán. Lókè rẹ̀ ó rọ̀. Gbogbo èékánná àtàǹpàkò jẹ́ 13.

Àǹtí_Èékánná_Yábàá

Ẹ rí i. Ohun tí wọ́n bà jẹ́ ṣẹ́ ku nǹkan bíi mìlímítà 9. Ẹ fi 3 pín in, oṣù 3 ó lé ni kí ẹ fún un. Ẹ máa gé orí rẹ̀ kúrú bó ti ń bọ̀, kó má rí ibi tẹ̀. Kútẹ́sì lásán lórí rẹ̀ kò burú, ẹ pa á lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ pẹ̀lú èyí tí kò ní asítóònì tí ẹ ti rà, ẹ fi òwú tí ẹ rẹ sínú rẹ̀ lé e fún ìṣẹ́jú àáyá 20 kí ẹ tó nù ún, ẹ má ha á. Òróró tẹ̀lé e. Bí ìlà yẹn bá dúró níbi kan fún oṣù 2 tí kò sún, ẹ jáde lọ rí dókítà, torí kò yẹ kó dúró.

Ọmọ_Àgárawù

Mo gbọ́. Ọjọ́ ìgbéyàwó àbúrò mi ní oṣù tó ń bọ̀ ńkọ́? Èmi ni ọ̀gá ìyàwó. Ṣé ẹ̀yin ò lè lẹ akírílíìkì fún mi fún ọjọ́ méjì péré?

Àǹtí_Èékánná_Yábàá

Èmi ò ní lẹ̀ ẹ́, bí ẹ bá tiẹ̀ fún mi lówó méjì. Èékánná ike tí ó ní ìdè alẹ̀mọ́ lẹ́yìn, tí ẹ máa ń fúnra yín tẹ̀ mọ́ ọwọ́ fún wákàtí díẹ̀, ẹ lè lò ó fún ìka mẹ́sàn-án. Kì í ṣe àtàǹpàkò tó ti ń ṣí.

Nọ́ọ̀sì_Sùúrùlérè

Èmi ò fara mọ́ mẹ́sàn-án náà.

Ọmọ_Àgárawù (ọ̀sẹ̀ 5 lẹ́yìn náà)

Mo wá jíyìn. Ìlà ti kúrò ní 4, ó ti wà ní 8 báyìí. Ìta ti lọ láti ọ̀sẹ̀ kejì tí mo gbé hádínà sọnù, funfun abẹ́ rẹ̀ kò tóbi sí i. Mo fi àdí àgbọn ra á lálaalẹ́, ọmọ mi ní ọwọ́ mi ń rùn bíi bàbá dúdú. Ọ̀kan tún kán, ti ìka kékeré, àmọ́ ní ibi tí ó rọ̀ ni, kò jìn. Mo lo èyí tó ní ìdè lọ́jọ́ ìgbéyàwó, mẹ́jọ péré, ẹ má bá mi wí. Méjì jábọ́ sínú àwo jọ̀lọ́ọ̀fù.

Ọmọ_Ìsàlẹ̀_Èkó

Ẹ kú oríire. Màámi ti gbé àwo òdòdó kúrò.